Bí Ìlù Yóò Ṣe Dé Lọ́ńdọ̀nù Láìfọ́

(Ọ̀rọ̀ tí alágbàrù pápákọ̀ òfuurufú kan tí ó ti fẹ̀yìn tì sọ níbi ìpàdé ẹ̀ka wa)

 

Akọ̀wé wa ni ó ní kí n wá bá yín sọ̀rọ̀ lónìí, nítorí pé àwọn onílù ẹ̀ka wa ti gba ìwé ìpè láti lọ lu dùndún ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n ti ra ankara, wọ́n ti ń ṣe ìdánrawò ní gbogbo alẹ́ Ọjọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bi wọ́n léèrè bí àwọn ìlù náà yóò ṣe wọ bàálù, wọ́n ní àwọn yóò fi aṣọ wé wọn, àwọn yóò sì kó wọn sínú báàgì. Ìdáhùn yẹn ni ó dẹ́rù bà mí tí mo fi gbà láti wá sọ̀rọ̀.

Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo fi gbé ẹrù sínú ikùn bàálù. Mo mọ ohun tí ojú ẹrù ń rí lẹ́yìn tí ẹ bá ti fà á lé òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ ní káńtà. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọmọkùnrin kan láti àdúgbò wa gbé ìyáàlù bàbá rẹ̀ lọ sí òkè òkun. Ó fi ìró ìyá rẹ̀ wé e, ó fi okùn di ìbàdí rẹ̀ gírígírí kí aṣọ má baà tú, ó sì tì í sínú báàgì Gáná-mọ́ọ̀sì-gò. Nígbà tí ó tú u ní ọ̀hún, ojú ìlù kan ti ya láti etí dé àárín, ọsán méjì ti já. Ọsán já, ọrun dọ̀pá. Bẹ́ẹ̀ ni ìlù tí ó ti ń sọ̀rọ̀ láti ayé bàbá rẹ̀ ṣe di igi lásán. Màá padà sí ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin yìí níkẹyìn, nítorí ìlù nìkan kọ́ ni ó sọnù fún un.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe ni pé kí ẹ wọn ìlù yín kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ìlù tí yóò bá yín jókòó lókè ọ̀tọ̀, èyí tí yóò lọ sínú ikùn bàálù ọ̀tọ̀. Iléeṣẹ́ bàálù kọ̀ọ̀kan ni ó ní ìwọ̀n tirẹ̀ fún ẹrù tí èrò lè gbé wọlé. Ìwọ̀n tí ẹ ó bá pàdé lọ́pọ̀ ìgbà ni sẹ̀ǹtímítà 56 ní gígùn, 45 ní ìbú, àti 25 ní nínípọn. Àwọn mìíràn kéré sí i. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dífá ọrọọrún: ẹ bi iléeṣẹ́ tí ẹ ó wọ bàálù rẹ̀ fúnra rẹ̀, kí ẹ sì gba èsì náà ní kíkọ sílẹ̀. Bí ẹ bá ní láti pààrọ̀ bàálù lọ́nà, bàálù tí ó kéré jù nínú méjèèjì ni kí ẹ fi ṣe òdiwọ̀n.

Ẹ jẹ́ kí á mú ìlù àwọn ènìyàn wa. Mo wọ̀n wọ́n fúnra mi ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá. Gángan wọn gùn tó sẹ̀ǹtímítà 37, ojú rẹ̀ sì fẹ̀ tó 17. Bí ẹ bá fi fóòmù tí ó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 2 yí i ká, ẹ ní 41 ní gígùn àti 21 ní fífẹ̀. Ó wọ inú 56, 45 àti 25 láìsí wàhálà. Gúdúgúdú náà kéré, òun náà lè wọlé lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ìyáàlù gùn tó 52, ojú rẹ̀ sì fẹ̀ tó 24, láìka ṣaworo tí ó yí i ká. Bí ẹ bá ti fi fóòmù sí i, 24 yẹn ti di 28, ó sì ti ju 25 lọ. Ìyáàlù kò ní wọlé. Kí ẹ má wá máa bá ọmọ tí ó dúró ní ẹnu ọ̀nà bàálù jiyàn nítorí sẹ̀ǹtímítà 3. Ẹ ti mọ̀ láti ilé pé inú ikùn bàálù ni ìyáàlù àti kẹríkẹrì ń lọ, ẹ sì ṣe àpótí fún wọn.

Àwọn tí ó ní ìbátan ní Amẹ́ríkà lè sọ pé àwọn gbọ́ pé òfin wà níbẹ̀ lórí ohun èlò orin. Òótọ́ ni. Láti 2015 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti ní kí àwọn iléeṣẹ́ bàálù ti orílẹ̀-èdè náà jẹ́ kí èrò gbé ohun èlò orin kékeré wọlé bí àyè bá wà fún un lókè orí tàbí lábẹ́ ìjókòó nígbà tí èrò náà wọlé. Ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ bàálù Amẹ́ríkà nìkan ni òfin yẹn mú. Ẹ sì kíyè sí gbólóhùn yẹn: bí àyè bá wà. Ẹni tí ó bá kẹ́yìn wọlé yóò rí i pé àpótí àwọn ẹlòmíràn ti kún ibẹ̀. Nígbà náà ni òṣìṣẹ́ yóò gba gángan lọ́wọ́ yín ní ẹnu ọ̀nà, tí wọn yóò sì gbé e lọ sí ìsàlẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ tètè tò sí ìlà, kí ẹ sì di èyí tí ẹ gbé lọ́wọ́ pàápàá bí ẹni pé ó lè bá ara rẹ̀ nínú ikùn bàálù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Nínú bàálù ńlá, inú àpótí irin ni a ń to ẹrù sí kí a tó gbé e wọlé. Nínú bàálù kékeré, ọwọ́ lásán ni a fi ń to wọ́n láti ilẹ̀ dé òkè. Èyí tí ó wù kí ó jẹ́, ẹrù kan yóò wà lórí ẹrù kejì. Àpótí tí ó wúwo tó kílò 23 lè jókòó lórí ìlù yín fún wákàtí mẹ́fà. Kí ó tó dé ibẹ̀, ó ti gun orí bẹ́líìtì tí ń yí, ó ti lè jábọ́ láti orí ọ̀kan sí òmíràn. Ìwé àlẹ̀mọ́ tí a fi àwòrán ife sí, tí ó ní kí a rọra, kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ gbà mí gbọ́, bí òjò bá ń rọ̀, tí bàálù sì ku ogún ìṣẹ́jú kí ó gbéra, kò sí alágbàrù tí ó ń ka ìwé àlẹ̀mọ́. Kì í ṣe ìkà. Ẹrù ọgọ́rùn-ún méjì ni ó wà níwájú rẹ̀, ènìyàn mẹ́rin sì ni wọ́n. Àpótí líle ni yóò gbèjà ìlù, kì í ṣe ìwé.

Kí ni ó ya ojú ìlù ọmọkùnrin yẹn? Ohun méjì ni. Èkíní ni ẹrù tí ó tẹ̀ ẹ́, nítorí pé báàgì rírọ̀ kò lè dáàbò bò ó. Èkejì ni okùn tí òun fúnra rẹ̀ dì mọ́ ìbàdí ìlù náà. Ẹ̀yin onílù mọ̀ pé bí a bá fún ọsán dùndún mọ́ra, ńṣe ni ojú rẹ̀ méjèèjì ń le, tí ohùn rẹ̀ sì ń lọ sókè. Nígbà tí ẹ bá ń lù ú, ẹ ń fún un, ẹ ń tú u. Ṣùgbọ́n okùn tí a dì mọ́ ìbàdí kò tú u rárá láti Ìkẹjà títí dé òkè òkun. Afẹ́fẹ́ inú bàálù sì gbẹ gan-an. Awọ tí ó bá gbẹ a máa sún kì. Awọ tí ó ti le tẹ́lẹ̀, tí ó tún wá ń sún kì, tí ẹrù sì tẹ̀ ẹ́ lójú, yóò ya. Bí kò tilẹ̀ ya, ọsán yóò já níbi tí ó ti gbó.

Bí ẹ ó ṣe ṣe é nìyí. Ẹ má di ohunkóhun mọ́ ìbàdí ìlù. Okùn tí ẹ fi ń gbé e kọ́ èjìká, ẹ tú u sílẹ̀, kí ẹ ká a sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ má fi aṣọ tàbí bàtà ti àárín ọsán láti dín àyè kù, nítorí iṣẹ́ kan náà ni ìyẹn ń ṣe pẹ̀lú okùn. Ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kọjá lábẹ́ ṣaworo kọ̀ọ̀kan kí irin má baà máa ha awọ. Lẹ́yìn èyí, ẹ gé pákó pẹlẹbẹ rogodo méjì tí ó fẹ̀ ju ojú ìlù lọ díẹ̀, kí ẹ lẹ fóòmù mọ́ etí wọn nìkan, kí ẹ sì fi ọ̀kọ̀ọ̀kan bo ojú ìlù bí ìdérí ìkòkò. Bí ohunkóhun bá tẹ̀ ẹ́, etí igi ni yóò gba ìwúwo, kì í ṣe àárín awọ.

Nígbà náà ni kí ẹ gbé e sínú àpótí. Káfíńtà ilé iṣẹ́ wa lè fi pákó pẹlẹbẹ kàn án. Ti ìyáàlù wa, mo ní kí ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 70 ní gígùn, 40 ní ìbú, 40 ní gíga. Ẹ ro wọ́n pọ̀, 150 ni. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ bàálù ni ó ní kí àròpọ̀ yẹn má ju 158 lọ, bí ẹ kò bá fẹ́ san owó lórí rẹ̀. Ìlù àti àpótí jọ wọn kílò 14, ó sì kù díẹ̀ kí ó tó 23 tí wọ́n sábà máa ń fún èrò. Ẹ lè fi aṣọ ijó yín kún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ títí tí ìlù kò fi ní lè mì, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ó kọjá 23. Kò sí ẹrù kan ṣoṣo tí ó yẹ kí ó ju kílò 32 lọ, bí ẹ tilẹ̀ ní owó láti san. Ẹ̀yìn àwa tí ń gbé ẹrù ni wọ́n rò tí wọ́n fi ṣe òdiwọ̀n yẹn, nítorí náà ó tọ́ kí àwa ọmọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ pa á mọ́.

Kí ẹ tó ti àpótí náà, ẹ dán an wò. Ẹ gbé e sókè, ẹ mì í sí ọ̀tún, ẹ mì í sí òsì. Bí ẹ bá gbọ́ ṣaworo tí ó ń dún, ìlù náà ṣì ń rìn nínú rẹ̀. Ẹ tú u, kí ẹ tún un dì. Bí ó bá dákẹ́ bí ọmọ tí ó ti sùn, ó ti tó. Ẹ má kan ìṣó pa á. Àwọn aláàbò yóò rí ṣaworo nínú ẹ̀rọ ayàwòrán wọn, wọ́n sì lè fẹ́ wò ó. Bí wọ́n bá ní láti fi òòlù ṣí i, ẹ̀yin kọ́ ni ẹ ó tún un kàn. Ẹ lo ìdè tí ó ṣeé ṣí, kí ẹ sì fi ìwé kan sí ojú ìlù nínú rẹ̀ tí ó sọ bí a ṣe ń dá a padà sínú fóòmù. Kọ̀ǹgọ́, ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú àpótí yìí. Aláàbò lè wo igi tí ó tẹ̀ lọ́rùn lọ́wọ́ yín, kí ó sọ pé kóńdó ni.

Ní ti gúdúgúdú, ohun kan ni mo ní láti sọ. Ìda tí ó wà lójú rẹ̀ kì í fẹ́ oòrùn. Ẹrù máa ń dúró lórí ọ̀dà pápákọ̀ Ìkẹjà nínú oòrùn ọ̀sán fún ìgbà pípẹ́ kí a tó kó o wọlé. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí mo fi sọ pé kí gúdúgúdú bá yín jókòó lókè.

Ẹ jẹ́ kí á dé ọ̀dọ̀ àwọn aṣọ́bodè. Awọ ewúrẹ́ ni ó wà lójú dùndún, ohun ara ẹran sì ni. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní òfin rẹ̀ lórí rẹ̀. Kí Akọ̀wé wa kọ̀wé ṣáájú sí iléeṣẹ́ ìjọba tí ọ̀ràn náà kàn ní ibi tí ẹ ń lọ, kí ẹ sì mú èsì wọn lọ́wọ́. Nígbà tí ẹ bá dé, ọ̀nà pupa ni kí ẹ gbà, èyí tí ó wà fún àwọn tí ó ní ohun tí wọ́n fẹ́ fi hàn. Ẹ sọ pé ìlù ni, awọ ewúrẹ́ tí a ti fá, tí ó sì ti gbẹ ni. Ẹni tí ó fi hàn, tí wọ́n sì dá dúró, ó dára ju ẹni tí ó fi pamọ́, tí wọ́n wá rí i lára rẹ̀.

Èyí tí n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé rárá ni awọ tútù tàbí awọ tí irun ṣì wà lára rẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn onílù fẹ́ràn láti mú awọ kan dání fún àtúnṣe. Kì í ṣe aṣejù ni àwọn aṣọ́bodè ń ṣe lórí èyí. Àrùn kan wà tí wọ́n ń pè ní ántíráàsì, tí ó máa ń pa ẹran. Irúgbìn rẹ̀ lè sá pamọ́ sínú irun àti awọ gbígbẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí a bá ń fá irun náà, eruku rẹ̀ yóò gba imú wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Ní 2006, onílù kan ní Niu Yọ́ọ̀kì tí ó ń fi awọ láti Kót Difuá ṣe ìlù kó àrùn yìí. Orí ni ó kó o yọ. Ní 2008, onílù kan ní Lọ́ńdọ̀nù tí òun náà ń fi awọ tí wọ́n kó wá láti òkèèrè ṣe ìlù kó o, ó sì kú. Ìlù tí a ti ṣe tán, tí a ti ń lù, ewu rẹ̀ kéré púpọ̀ sí ti fífá awọ. Nítorí náà, dípò awọ, ẹ mú gángan kejì lọ.

Bí ìlù bá sì ní awọ ẹran ìgbẹ́ bí ẹkùn tàbí ère lára, tàbí eyín erin, ẹ fi í sílẹ̀ nílé. Òfin àgbáyé wà lórí àwọn ẹran wọ̀nyẹn, wọ́n sì lè gba ìlù náà. Ìlù àtijọ́ tí a gbẹ́ ère sí lára, irú gbẹ̀du, ilẹ̀ wa níhìn-ín gan-an ni wọ́n ti lè dá a dúró, kí wọ́n sọ pé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ni ẹ ń kó jáde. Àjọ tí ń ṣe àbójútó ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ni ó ń fúnni ní ìwé àṣẹ fún irú rẹ̀, kódà fún èyí tuntun tí ó jọ ti àtijọ́. Ọ́fíìsì wọn wà ní Oníkan ní Èkó. Ẹ má dúró di ọjọ́ tí bàálù ń gbéra.

Wàyí o, mo ti ṣèlérí láti padà sí ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin yẹn. Nígbà tí ó gba báàgì rẹ̀ lórí bẹ́líìtì, kò tú u wò. Ilé ni ó ti rí i. Ó sunkún, ó pe ìyá rẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ sì ní kí ó gba kámú. Ọjọ́ kẹrìndínlógún ni ẹnì kan tó sọ fún un pé kí ó kọ̀wé sí iléeṣẹ́ bàálù. Wọ́n dá a lóhùn ní gbólóhùn méjì pé ọjọ́ ti kọjá. Òfin sì wà lẹ́yìn wọn. Àdéhùn Mọńtíríà ti 1999, tí Nàìjíríà àti Bìrìtìkó jọ fọwọ́ sí, sọ pé bí ẹrù tí a gbà lọ́wọ́ èrò bá bàjẹ́, kí onítọ̀hún kọ ẹ̀sùn rẹ̀ sílẹ̀ láàárín ọjọ́ 7 sí ọjọ́ tí ó gbà á. Bí ẹrù bá pẹ́ kí ó tó dé, ọjọ́ 21 ni, láti ọjọ́ tí ó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Bí wọ́n bá kọ̀ láti sanwó, ọdún méjì ni ó ní láti gbé wọn lọ sí kóòtù.

Nítorí náà, ẹ ṣí àpótí níbẹ̀, lẹ́bàá bẹ́líìtì, kí ẹ tó jáde. Ẹ fi ìka kan ojú ìlù méjèèjì, kí ẹ ka ọsán. Bí nǹkan bá ti bàjẹ́, ẹ lọ sí káńtà iléeṣẹ́ bàálù náà, kí wọ́n kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù, kí ẹ sì gba ẹ̀dà kan. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ tọ́jú ìwé àlẹ̀mọ́ ẹrù àti tíkẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn náà, kí ẹ tún kọ lẹ́tà kí ọjọ́ 7 tó pé, nítorí pé lẹ́tà ni òfin ń wò.

Iye tí wọ́n lè san ní ààlà. Láti ìparí 2024, ó jẹ́ 1,519 nínú owó ìṣirò tí Àjọ Ìṣúná Àgbáyé ń lò, èyí tí ó tó bí ẹgbẹ̀rún méjì dọ́là Amẹ́ríkà fún èrò kan. Gbogbo rẹ̀ kọ́ ni wọn yóò kàn kó fún yín. Ohun tí ẹ bá fi ẹ̀rí hàn pé ó bàjẹ́ ni wọn yóò san. Nítorí náà, kí a tó ti àpótí nílé, ẹ ya fọ́tò ìlù kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì gba rìsíìtì tàbí ìwé iye owó lọ́wọ́ ẹni tí ó gbẹ́ ẹ. Bí ìlù bá níye lórí ju ààlà yẹn lọ, òfin gbà yín láyè láti kéde iye rẹ̀ ní káńtà, kí ẹ sì san owó díẹ̀ lé e. Ẹ sì mọ̀ pé bí àléébù bá ti wà lára ìlù náà tẹ́lẹ̀, wọ́n lè fi ìyẹn bọ́. Bí òṣìṣẹ́ káńtà bá fún yín ní ìwé tí ó sọ pé ẹ kò di ẹrù náà dáadáa, ẹ má fọwọ́ sí i láìkà á. Ẹ ṣí àpótí hàn án. Fóòmù àti pákó yín yóò sọ̀rọ̀ fún yín.

Ẹ̀yin onílù wa, ẹ ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Káfíńtà ti gba ìwọ̀n lọ́wọ́ mi, Akọ̀wé ti ń kọ lẹ́tà rẹ̀. Ní Ọjọ́bọ̀ tí ń bọ̀, lẹ́yìn ìdánrawò, a ó jọ di ìyáàlù sínú àpótí níwájú gbogbo yín, a ó sì mì í. Ẹni tí ó bá gbọ́ ṣaworo, kí ó pariwo.